Áàpù Lárúbáwá Tó Yí Ojú Padà: Bí Ìka Yín Kò Ṣe Ní Ṣìnà

Àlájà kan tó ń ta jálábíà àti ìborùn ní Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́ níbí, gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ń ra ọjà lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Dùbáì, áàpù oníṣòwò náà kò sì ní èdè mìíràn ju Lárúbáwá lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àlájà ti kó ọjà sínú apẹ̀rẹ̀ áàpù náà, ẹ̀ẹ̀mẹta náà sì ni gbogbo rẹ̀ dànù mọ́ ọn lójú. "Ọmọ mi, ṣé áàpù yìí kórìíra mi ni?" Mo ní kí wọ́n tún un ṣe lójú mi. Wọ́n ṣe é dáadáa títí wọ́n fi dé ibi tí áàpù ti bi wọ́n bóyá ó dá wọn lójú, bọ́tìnì méjì sì yọ nísàlẹ̀. Wọn ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àtàǹpàkò wọn lọ tààrà sí bọ́tìnì tó wà lápá ọ̀tún, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Apẹ̀rẹ̀ tún ṣófo.

Bọ́tìnì apá ọ̀tún yẹn ni "fagi lé e". Nínú áàpù tó ti mọ́ wa lára, "bẹ́ẹ̀ ni" ló sábà máa ń wà lọ́tùn-ún, "rárá" á wà lósì. Nínú áàpù Lárúbáwá, àwọn méjèèjì ti pààrọ̀ ìjókòó.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé láti kékeré ni Àlájà ti ń ka Kùránì. Wàláà ilé kéwú ni wọ́n fi mọ̀ pé ìwé ń ti ọ̀tún lọ sí òsì, kí wọ́n tó mọ A, B, D rárá. Ojú wọn mọ̀ ọ́n. Ìka wọn ni kò mọ̀ ọ́n, torí ọdún gbọọrọ ni ìka ti fi kọ́ bọ́tìnì fóònù lápá ibòmíràn. Ìka yẹn ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ lè yí èdè padà

Kò sí ìdí láti jìyà bí áàpù náà bá ní Gẹ̀ẹ́sì nínú. Ẹ wá àwòrán ayé róbótó tó ní ìlà lára, tàbí ọ̀rọ̀ `English` fúnra rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ áàpù máa ń kọ orúkọ èdè kọ̀ọ̀kan bí àwọn tó ni ín ṣe ń kọ ọ́. Bí kò bá sí lójú ewé àkọ́kọ́, ẹ wọ inú sẹ́tìnì, níbi àwòrán kẹ̀kẹ́ eléyín. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá níbẹ̀ ni `اللغة`, ìyẹn "èdè".

Bí fóònù yín bá jẹ́ Áńdíróìdì 13 tàbí èyí tó jù ú lọ, ọ̀nà mìíràn wà. Ẹ wọ `Settings`, kí ẹ lọ sí `System`, lẹ́yìn náà `Languages`, kí ẹ wá tẹ `App languages`. Orúkọ àwọn ìpele yìí lè yàtọ̀ díẹ̀ lórí fóònù tiyín, àmọ́ ẹ óò rí ibi tí ẹ ti lè mú áàpù kan ṣoṣo kí ẹ sì yan èdè fún un, láìfọwọ́ kan ìyókù fóònù. Lórí áífóònù, láti iOS 13 ti ọdún 2019, ẹ wọ `Settings`, ẹ wá orúkọ áàpù náà, kí ẹ tẹ `Language`. Bí ẹ kò bá rí áàpù náà nínú àkójọ yẹn, tàbí tí kò sí `Language` lábẹ́ orúkọ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó ṣe é kò fi ohun tí ẹ ó yàn síbẹ̀. Sẹ́tìnì kankan kò lè dá Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ níbi tí kò sí. Bí ti Àlájà ṣe rí nìyẹn.

Ohun tó yí, àti ohun tí kò yí

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé áàpù Lárúbáwá dà bí ìgbà téèyàn ń wo ara rẹ̀ nínú dígí onígbàjámọ̀. Ó jọ ọ́ díẹ̀, àmọ́ dígí máa ń yí gbogbo nǹkan, títí kan lẹ́tà tó wà láyà ẹ̀wù. Áàpù kì í yí gbogbo nǹkan. Láti Áńdíróìdì 4.2 lọ́dún 2012, àti láti iOS 9 lọ́dún 2015, ni fóònù fúnra rẹ̀ ti mọ bí a ṣe ń yí ojú áàpù sódì, ìlànà kan náà ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé: ohun tó bá ń tẹ̀ lé ìwé kíkà yóò yí, ohun tó bá ń tẹ̀ lé ayé gidi kò ní yí. Ẹ di gbólóhùn yẹn mú, ẹ óò lè mọ ibi tí nǹkan wà kí ẹ tó rí i.

Ọfà tó ń dá yín padà sẹ́yìn, òkè lápá ọ̀tún ló wà báyìí, ó sì kọjú sí ọ̀tún. Ìlà mẹ́ta tó ń ṣí mẹ́nù náà ti kúrò lósì, ó ti bọ́ sí ọ̀tún. Àmì mẹ́ta tó tò lórí ara wọn, tó sábà máa ń wà lọ́tùn-ún lókè, ti lọ sí òsì. Nínú àkójọ ọjà tàbí orúkọ, àwòrán wà lọ́tùn-ún, ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e, iye owó tàbí aago sì wà lósì pátápátá. Bí ẹ bá tẹ ohun kan tí ewé tuntun bá wọlé, apá òsì ni yóò ti wọlé; bí ẹ bá padà, apá òsì náà ni yóò gbà jáde.

Ìka náà ní láti yí pẹ̀lú rẹ̀. Tí àwòrán ọjà bá pọ̀ tí ẹ fẹ́ rí èyí tó kàn, ẹ ó fi ìka fà á sí ọ̀tún, kì í ṣe sí òsì. Súìṣì tó bá ti tàn, orí rẹ̀ á wà lápá òsì. Ìràwọ̀ márùn-ún tí wọ́n fi ń díwọ̀n ọjà, ọ̀tún ni wọ́n ti ń kà á, nítorí náà ẹni tó bá tẹ ìràwọ̀ tó kángun sọ́tùn-ún ti fún oníṣòwò ní ẹyọ kan péré, ó sì lè rò pé márùn-ún lòun fún un. Kàlẹ́ńdà náà yí: ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú ọ̀sẹ̀ wà lọ́tùn-ún, ọfà oṣù tó ń bọ̀ sì kọjú sí òsì.

Ní ti ohun tí kì í yí, aago ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ aago ní Mẹ́kà kò yí sí ibòmíràn yàtọ̀ sí ti Àkúrẹ́, nítorí náà àwòrán aago kì í yí. Bọ́tìnì tí wọ́n fi ń tan fídíò àti orin náà dúró bó ṣe wà, ìlà tó ń rìn nísàlẹ̀ fídíò sì ń ti òsì lọ sí ọ̀tún. Pátákó nọ́ńbà tí ẹ fi ń pe fóònù ṣì ní 1 lósì, 3 lọ́tùn-ún. Àmì "ó dára" tó rí bí ìkọ́, fọ́tò èèyàn, àti àmì ilé iṣẹ́ kì í yí bákan náà.

Ẹ fi fóònù tiyín dánrawò kí owó tó wọ̀ ọ́

Ẹ̀yin àgbà tó ń wakọ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 á rántí ìgbà tí Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Gbogbo èèyàn ló gbọ́ òfin náà. Kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbọ́ ọ ni iṣẹ́ kù sí. Bẹ́ẹ̀ ló rí níbí, ọ̀nà kan sì wà tí ẹ fi lè kọ́ ìka láìka Lárúbáwá kankan, tí ẹ bá ní fóònù Áńdíróìdì.

Ẹ wọ `Settings`, kí ẹ lọ sí `About phone`, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ `Build number` sí. Lórí fóònù mìíràn, ó wà nínú `Software information`. Ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà méje léra wọn. Fóònù lè béèrè nọ́ńbà tí ẹ fi ń ṣí i. Yóò sọ fún yín pé `Developer options` ti ṣí. Ẹ padà sínú sẹ́tìnì, ẹ wá a, kí ẹ wọ inú rẹ̀, kí ẹ lọ sísàlẹ̀ títí ẹ ó fi rí:

```
Force RTL layout direction
```

Ẹ tan án. Gbogbo fóònù yóò yí lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á sì ṣì wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má fọwọ́ kan ohun mìíràn nínú `Developer options`, torí ibẹ̀ kì í ṣe ibi eré. Ẹ wá lo fóònù náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá: ẹ ṣí nọ́ńbà ẹnì kan, ẹ padà sẹ́yìn, ẹ tan ohùn sókè, ẹ pa súìṣì kan kí ẹ tún un tan, ẹ fi àwòrán mẹ́wàá sáré kọjá. Kí ẹ tó ṣe tán, ẹ óò rí i pé ọfà ọ̀tún ti ń wọ̀ yín lójú. Lẹ́yìn náà, ẹ padà wọ ibẹ̀ kí ẹ pa á. Àlájà ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù mi lórí àga, wọ́n ń bú fóònù lábẹ́ ẹ̀mí wọn, àmọ́ nígbà tó yá wọn ò bú u mọ́.

Áífóònù kò ní èyí. Ohun tí ẹni tó ní áífóònù gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé fífi ìka fa etí ojú fóònù láti padà sẹ́yìn, etí òsì la ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nínú áàpù tó yí, etí ọ̀tún ni. Lórí Áńdíróìdì tó ń lo ìka dípò bọ́tìnì mẹ́ta, etí méjèèjì ló ń dá yín padà, nítorí náà ẹ kò ní rí ìyàtọ̀.

Nọ́ńbà ni owó ti ń sọnù

Nọ́ńbà ni mo gbà pé kí ẹ dúró tì pẹ́ jù. Áàpù Lárúbáwá mìíràn máa ń lo nọ́ńbà tí àwa náà ń lò. Òmíràn máa ń lo irú èyí:

```
0 = ٠
1 = ١
2 = ٢
3 = ٣
4 = ٤
5 = ٥
6 = ٦
7 = ٧
8 = ٨
9 = ٩
```

Ẹ wo márùn-ún. Òbìrìkítí ni, ó jọ òdo tiwa. Òdo tiwọn jẹ́ tóótó kékeré kan ṣoṣo. Àlájà ti rí ٣٥ lára jálábíà kan, wọ́n sì sọ fún àwọn oníbàárà wọn pé ọgbọ̀n dírámù ni wọ́n ń tà á níbẹ̀. Márùndínlógójì ni. Lórí ẹyọ kan, kò tó nǹkan. Lórí méjìlá méjì, ó di 120 dírámù tí wọn kò ṣírò mọ́ ọjà. Mẹ́fà náà ń dẹ́rù bà mí, torí ó jọ méje tiwa.

Bí lẹ́tà ṣe ń ti ọ̀tún wá, nọ́ńbà ń ti òsì lọ. Nọ́ńbà tó dúró fún iye tó tóbi jù lọ ló wà lápá òsì, gẹ́gẹ́ bí tiwa. ٨٤٠ ni ọgọ́rùn-ún mẹ́jọ ó lé ogójì. Ẹ má yí i padà nínú ọpọlọ yín.

Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà méjì bá wà, tí àyè sì wà láàárín wọn, pẹ̀lú ìlà kékeré tàbí láìsí i, ìtò wọn máa ń yí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kò yí nínú ara rẹ̀. Oníṣòwò Àlájà ní iye owó fún ẹni tó bá ra láti méjìlá dé mẹ́tàlélógún, àti òmíràn fún ẹni tó bá ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú áàpù, ó hàn báyìí:

```
23 - 12
```

Apá ọ̀tún ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: láti 12 dé 23. Aago tí ilé ìtajà ṣí náà máa ń jáde bẹ́ẹ̀. `17:00 - 9:00` kì í ṣe ilé ìtajà tó ń ṣí láti ìrọ̀lẹ́ mọ́jú, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí, wọ́n á sì tì ní márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Nọ́ńbà fóònù ló burú jù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ tẹ nọ́ńbà kan pẹ̀lú àyè láàárín, bẹ́ẹ̀: `+234 800 123 4567`. Bí áàpù náà kò bá ṣe dáadáa, ó lè gbé e jáde báyìí:

```
4567 123 800 234+
```

Ẹ má ṣe tún un ṣe. Ohun tó wà nínú áàpù ni ohun tí ẹ tẹ̀, ní títẹ̀léra tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́. Ojú lásán ló yí i. Ẹni tó bá pa á rẹ́ tó wá tẹ̀ ẹ́ sódì kí ó lè "dára" lójú ti fi nọ́ńbà tí kò sí ránṣẹ́. Ọ̀nà tí ẹ fi lè yẹra fún un ni pé kí ẹ tẹ nọ́ńbà láìfi àyè sí i rárá. Bí ẹ kò bá fi àyè sí i, ìyókù á dúró ní ìtò rẹ̀, àmì àròpọ̀ nìkan ló lè fò lọ sí apá ọ̀tún.

Bákan náà ni kóòdù mẹ́fà tí wọ́n fi ránṣẹ́ kí ẹ tó wọlé. Àpótí kéékèèké mẹ́fà ló wà, áàpù mìíràn á bẹ̀rẹ̀ láti òsì, òmíràn láti ọ̀tún. Ẹ má fi ìka yan àpótí. Ẹ wo ibi tí ọ̀pá kékeré ń ṣẹ́jú, kí ẹ máa tẹ nọ́ńbà bí ẹ ṣe rí i nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́, kí ẹ jẹ́ kí áàpù fúnra rẹ̀ máa sún. Tó bá hàn sódì nínú àpótí, kò kàn yín.

Ọjà Àlájà, láti apẹ̀rẹ̀ dé ìsanwó

Nígbà tí mo rí i pé ìka ti ń gbọ́, a bẹ̀rẹ̀. Jálábíà mẹ́rìnlélógún ni wọ́n fẹ́, ٣٥ dírámù lẹ́yọ.

A ṣí ojú ewé jálábíà náà. Fọ́tò mẹ́rin ló wà. A fi ìka fà wọ́n sí ọ̀tún láti rí ẹ̀yìn aṣọ náà. Lábẹ́ fọ́tò ni tábìlì ìwọ̀n wà. Tábìlì náà ń ti ọ̀tún bẹ̀rẹ̀: orúkọ ìwọ̀n wà ní òpó tó kángun sọ́tùn-ún, gígùn tẹ̀ lé e lápá òsì, lẹ́yìn náà fífẹ̀ àyà. Ẹni tó bá ka òpó àkọ́kọ́ láti òsì bí orúkọ ìwọ̀n yóò mú fífẹ̀ àyà bí ìwọ̀n, aṣọ tó máa dé sì lè má bá a mu. Sẹ̀ntímítà ni wọ́n fi ń díwọ̀n níbẹ̀.

Ibi iye ni a ti rẹ́rìn-ín. Nọ́ńbà kan wà láàárín, àmì àyọkúrò lápá ọ̀tún, àmì àròpọ̀ lápá òsì. Àlájà fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀tún lẹ́ẹ̀mẹ́jọ kí wọ́n tó rí i pé ìbẹ̀rẹ̀ tó wà níbẹ̀, méjìlá, kò kúrò lójú kan, torí oníṣòwò kò gbà kí ẹnikẹ́ni ra ohun tó kéré sí méjìlá. Wọ́n bọ́ sí òsì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí ó fi di ٢٤. Bí ó bá jẹ́ pé àyọkúrò yẹn ń ṣiṣẹ́ ni, mẹ́rin péré ni wọn ì bá bá.

Lẹ́yìn náà, àpótí àdírẹ́sì. Aṣojú tó ń kó ẹrù wọn jọ ní Dẹ́írà, ní Dùbáì, ló ń gbà á kí ó tó gbé e wá sí Èkó, àdírẹ́sì rẹ̀ sì wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a ń tẹ̀ ẹ́, àmì ìdánudúró tó wà lópin fò lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ lápá òsì, àkámọ́ náà kọjú síbi tí kò yẹ. A fi í sílẹ̀. Ojú lásán ni, bíi ti nọ́ńbà fóònù. Ohun tó dára kí ẹ ṣe ni kí ẹ kọ àdírẹ́sì náà síbi tí ẹ ń kọ nǹkan sí lórí fóònù yín, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀, kí ẹ wá dà á kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sínú áàpù, dípò kí ẹ máa gbé ọ̀pá tó ń ṣẹ́jú kiri láàárín ọ̀rọ̀. Ọ̀pá yẹn máa ń fò níbi tí Gẹ̀ẹ́sì àti Lárúbáwá ti pàdé, bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì ìparẹ́, ó lè jẹ lẹ́tà tí ẹ kò wò.

Ojú ewé ìṣirò wá yọ. Lápá òsì ni gbogbo iye owó tò sí, orúkọ wọn wà lọ́tùn-ún. Mo ní kí Àlájà kà á sókè kí wọ́n tó tẹ ohunkóhun: ٨٤٠ fún aṣọ, ٢٥ fún gbígbé e dé ọ̀dọ̀ aṣojú, ٨٦٥ lápapọ̀. Mo gbé ẹ̀rọ ìṣirò síta: 24 lọ́nà 35 jẹ́ 840, fi 25 kún un, 865. Ó bá ara mu. Tí wọ́n bá ka òbìrìkítí bí òdo, 24 lọ́nà 30 ni wọn ì bá ṣe, ìyẹn 720, kò sì ní bá 840 tó wà lójú áàpù mu. Bí ẹ ṣe lè mọ̀ nìyẹn pé ẹ ti ṣi márùn-ún kà.

Bọ́tìnì méjì náà tún yọ. Kí a tó dé ibẹ̀, mo ti kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sórí pépà fún wọn, torí ibi tí bọ́tìnì wà kò tó láti gbẹ́kẹ̀ lé níbi tí owó bá wà:

```
mo gbà: موافق
mo fọwọ́ sí i: تأكيد
fagi lé e: إلغاء
pa á rẹ́: حذف
tọ́jú rẹ̀: حفظ
èyí tó kàn: التالي
padà: رجوع
```

Wọ́n rí `حفظ`, wọ́n ní, "Ṣebí ọ̀rọ̀ yìí náà ni wọ́n ń lò fún ẹni tó há Kùránì sórí." Òun náà ni. Láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó bá ti lọ sí ilé kéwú kò nílò pépà yẹn pẹ́. Wọ́n ka bọ́tìnì òsì, `تأكيد` ni. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Apẹ̀rẹ̀ kò dànù.

Ó ku ibi ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Oníṣòwò kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ nínú áàpù náà pé àwọ̀ dúdú ti tán. Níbí, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Nínú ọ̀pọ̀ áàpù wa, ọ̀rọ̀ tèmi wà lọ́tùn-ún, tìrẹ wà lósì. Nínú èyí tó yí, ọ̀rọ̀ Àlájà ló wà lósì, ti oníṣòwò wà lọ́tùn-ún. Àlájà ti rí ọ̀rọ̀ wọn ti àná, níbi tí wọ́n ti kọ pé àwọn lè dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì ti mú un bí ìlérí oníṣòwò pé ọjà yóò dé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ wo àwọ̀ àpótí ọ̀rọ̀, kí ẹ sì wo àmì ìkọ́ kéékèèké lábẹ́ rẹ̀: èyí tó bá ní ìkọ́, ọ̀rọ̀ tiyín ni, torí tiyín ni áàpù ń sọ fún yín bóyá wọ́n ti rí i. Bọ́tìnì tí ẹ fi ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ wà lósì, ọfà rẹ̀ sì kọjú sí òsì. Kì í ṣe pé yóò dá yín padà sẹ́yìn.

Áàpù tó yí díẹ̀, tó gbàgbé díẹ̀

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí dá lé áàpù tí wọ́n ṣe dáadáa. Púpọ̀ nínú áàpù àwọn oníṣòwò kéékèèké kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lè rí ọfà ìpadà tó wà lọ́tùn-ún lókè ṣùgbọ́n tó kọjú sí òsì síbẹ̀, nítorí wọ́n gbé e kúrò níbi tó wà láìyí àwòrán rẹ̀. Ibi tí nǹkan wà ni kí ẹ gbà gbọ́ ju ibi tó kọjú sí lọ: ohunkóhun tó bá wà lókè pátápátá lápá ọ̀tún, tí ọfà wà lára rẹ̀, ìpadà ni.

Òmíràn kò yí rárá. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni wọ́n kàn dà sínú ojú áàpù tó jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ kí ẹ tó ṣe àṣìṣe. Ẹ tẹ ọjà kan, kí ẹ wo apá ibi tí ewé tuntun ti wọlé. Bó bá ti òsì wá, áàpù ti yí, gbogbo ohun tí mo ti sọ ló bá a mu. Bó bá ti ọ̀tún wá, ojú rẹ̀ kò yí, bọ́tìnì "bẹ́ẹ̀ ni" á wà níbi tí ìka yín ti mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti ìsàlẹ̀ wá tàbí ó kàn yọ lójijì, ẹ wo àkójọ ọjà: ṣé àwòrán wà lọ́tùn-ún tàbí lósì? Èyí tí mo korò ojú sí jù ni áàpù tí ojú ewé kan nínú rẹ̀ yí tí èkejì kò yí, pàápàá ojú ewé ìsanwó, torí ibẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti bánkì, kì í ṣe ti oníṣòwò. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ tún ìdánwò yìí ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Bóyá ó yí tàbí kò yí, oṣù àti ọdún tó wà lára káàdì yín, `08/27`, á jáde bó ṣe wà lára káàdì, torí ìlà tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láàárín nọ́ńbà méjì láìsí àyè kò ń jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀.

Lẹ́yìn ìsanwó, áàpù fún Àlájà ní ìlà kan tó ní òbìrìkítí mẹ́rin, láti fi tọpa ẹrù. Àkọ́kọ́, tó wà lọ́tùn-ún, ti tàn. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má pè mí tí ìyókù kò bá tíì tàn. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, fóònù mi dún ní kùtùkùtù. "Ọmọ mi, ó ti tàn dé òsì pátápátá. Aṣojú náà ti pè mí, ó ní mẹ́rìnlélógún ló wà níbẹ̀."